Lẹ́tà sí oníbàárà: iṣẹ́ pẹ́, ariwo sì pọ̀ nínú ohùn náà

Títẹ̀-Òru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo gba iṣẹ́ kan pé kí n kọ ohùn ìpàdé sílẹ̀, ìṣẹ́jú 90, èèyàn mẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni yóò parí. Òní Ọjọ́rú ni ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú 22 péré ni mo tíì ṣe. Fáànù ń hó lórí wọn, ìpẹ̀kun tábìlì kan ni wọ́n gbé fóònù tí wọ́n fi gbà á sí, àwọn tó jìnnà sí i ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Oníbàárà ń béèrè ìgbà tí yóò parí àti bí yóò ṣe péye tó. Mo fẹ́ kọ̀wé sí i pé: "Yóò péye dé ìdá 98 nínú 100, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i." Ṣé ìyẹn dáa?

---

Agbọ́hùn

Fọ ohùn náà kó o tó kọ lẹ́tà kankan. Ohùn fáànù kì í yí padà, èyí ló mú un rọrùn láti yọ. Ṣí i nínú Audacity, wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, yàn án, tẹ `Get Noise Profile` nínú `Noise Reduction`, lẹ́yìn náà kó o yan gbogbo fáìlì, kó o wá lò ó. Bó o bá fẹ́ gé kìkì ìkùn ìsàlẹ̀ kúrò, èyí náà tó:

```
ffmpeg -i ipade.m4a -af "highpass=f=100" ipade_gbo.wav
```

Tó o bá ti fọ̀ ọ́ tán, ìdá 98 yẹn kò ní le. Fi ránṣẹ́, má bẹ̀rù.

---

Bàbá Etí

Títẹ̀-Òru, dá ọwọ́ dúró. Má fi 98 yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń sọ tó ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 90 á fún ọ ní bí ọ̀rọ̀ 13,500. Ìdá 98 túmọ̀ sí pé ò ń sọ fún oníbàárà pé àṣìṣe inú gbogbo rẹ̀ kò ní ju 270 lọ. Ta ló kà á fún ọ? Ibi tó o ti ṣe ni o mọ̀, o kò tíì mọ ohun tó wà níwájú. Mo tún fẹ́ mọ ibi tí "ọjọ́ méjì sí i" ti wá. Bí kò bá ti inú ìṣirò wá, inú ìtìjú ló ti wá, wàá sì tún kọ lẹ́tà mìíràn lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun tí wàá ṣe nìyí, lónìí. Fi etí sáré gba gbogbo ohùn náà kọjá láìkọ nǹkan kan. Bó o ṣe ń lọ, kọ aago ibi tó mọ́, ibi tó le, àti ibi tó bàjẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gé ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, kó o kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú aago níwájú rẹ. Iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbà ọ́, wá sọ ọ́ fún wa.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí oníbàárà pé Ọjọ́bọ̀ kò ní ṣeé ṣe, pé ọ̀la ni wàá fún un ní ọjọ́ tuntun àti bí yóò ṣe péye tó. Ọjọ́ tó yẹ̀ kì í dúró de ìṣirò. Ìpéye ló lè dúró di ọ̀la.

---

Ìyá Fèyí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan gbé ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún mi, ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, ọmọ ń sunkún. Mo fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí n kò gbọ́. Ó ní òun ò ní sanwó àlàfo, pé ọ̀rọ̀ lòun ra. Ìdajì owó ló fún mi títí dòní. Títẹ̀-Òru, gba owó rẹ kó o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Lẹ́tà kò ṣiṣẹ́ kankan.

---

Títẹ̀-Òru

Ẹ ṣé mà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ̀ lórí ọjọ́, n kò lè dá owó béèrè sórí ìyẹn.

Bàbá, mo ti fi ìlà méjì ránṣẹ́. Mo sì ṣe ìdánwò náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó mọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú 20. Èyí tó le gbà mí ní 45. Èyí tó bàjẹ́ gbà mí ní wákàtí kan gbáko, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì wà ní àlàfo. Mo ya ohùn náà sí apá mẹ́ta bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú 30 mọ́, 45 le, 15 bàjẹ́.

Agbọ́hùn, ẹ ṣé. Mo fọ̀ ọ́. Èyí tó mọ́ túbọ̀ rọ̀ mí létí, èyí tó le náà sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bàjẹ́ ò yàtọ̀. Àwọn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

---

Agbọ́hùn

Á jẹ́ pé o kò fọ̀ ọ́ tó. Gbé agbára rẹ̀ sókè.

---

Bàbá Etí

Ó tó o, Agbọ́hùn. O jẹ̀bi díẹ̀, o sì jàre díẹ̀. Ohun tó o sọ nípa fáànù jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn mẹ́ta ń sọ pa pọ̀ kì í ṣe ariwo lójú ẹ̀rọ náà, ohùn èèyàn ni gbogbo rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò yọ kúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, hooo tí fáànù ń hó àti ariwo ṣíṣín inú "s" àti "f" jọra. Bó o bá gbé agbára rẹ̀ sókè jù, yóò jẹ àwọn kọ́ńsónáǹtì mọ́ fáànù. Wàá mọ̀ nígbà tó bá di bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ó rọ̀ létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti sọnù níbẹ̀. Ohùn àkọ́kọ́ ni kó o máa fi ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, má sì jẹ́ kó sọnù.

Jíjìnnà sí fóònù tún nìyẹn. Bí ẹnì kan bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ sí i púpọ̀, fáànù kò sì ní rẹlẹ̀ tọ̀ ọ́. Ohun tí fóònù kò gbà wọlé, ẹ̀rọ kan kò lè dá a padà. Kọ ìlà kan nípa èyí nínú lẹ́tà, nítorí àwọn oníbàárà máa ń rò pé bọ́tìnì kan wà tá a kàn kọ̀ láti tẹ̀.

Ó yá, ìṣirò. Ìṣẹ́jú 30 ní ìlọ́po mẹ́rin, wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú 45 ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 15 ní ìlọ́po méjìlá, wákàtí mẹ́ta. Kí o tún fi etí gba gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì, kó o máa tún un ṣe, ìlọ́po méjì, wákàtí mẹ́ta míì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú 45. Má yọ ìṣẹ́jú 22 tó o ti ṣe kúrò, orúkọ àti àtúnṣe ni yóò jẹ ẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni mo gbà pé etí lè ṣe lórí ohùn búburú lóòjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Ajé. Kọ Ìṣẹ́gun sínú lẹ́tà.

---

Títẹ̀-Òru

Ìṣẹ́gun! Mo fẹ́ẹ̀ máa sunkún. Mo ti rò pé wákàtí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

---

Oníbàárà Rí

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti apá kejì. Èmi ni mo máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí síta, kì í ṣe pé mo ń ṣe é. Bí ẹ bá kọ "ìdá 96" sí mi, n kò mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Ṣé àṣìṣe náà wà nínú "ẹ kú àbọ̀", àbí ó wà níbi tí wọ́n ti pinnu nǹkan? Nígbà kan wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, gbogbo rẹ̀ mọ́ bí ọjọ́, kò sí àlàfo kankan. Mo yọ gbólóhùn kan lò. Ẹni tó sọ ọ́ ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. A padà sí ohùn, "kò" kan ló sọnù. Mo bínú sí akọ̀wé náà, kì í ṣe nítorí pé kò gbọ́, bí kò ṣe pé ó mọ̀ pé òun ò gbọ́ dáadáa, kò sì sọ fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí n kò gbọ́dọ̀ fọkàn tán.

---

Bàbá Etí

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Títẹ̀-Òru, èyí ni kó jẹ́ ọkàn lẹ́tà rẹ: apá mẹ́ta, kì í ṣe iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Kó o sì fi àmì méjì sínú iṣẹ́, kí wọ́n má dàpọ̀. Ibi tí o kò gbọ́ rárá, kọ [etí ò gbọ́ 00:41:07]. Ibi tó o gbọ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ kò balẹ̀, kọ [?méje 00:52:30], pẹ̀lú aago, kí oníbàárà lè lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Méje yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un. Lábẹ́ fáànù, méje àti mẹ́jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohùn òkè àti ohùn àárín kan náà ni wọ́n ní, fáwẹ́lì nìkan ló yà wọ́n. Mẹ́ta àti mẹ́fà ṣì ní ohùn ìkẹyìn tó yàtọ̀ láti fi dá wọn mọ̀, bí ìṣín "f" bá tilẹ̀ sọnù. Nítorí náà, iye, orúkọ, àti gbogbo "kò" àti "kì í", ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó o gbọ́ wọn. Sọ fún oníbàárà pé o máa ṣe bẹ́ẹ̀.

---

Agbọ́hùn

Ó dáa, mo gbà nípa fífọ̀. Ṣùgbọ́n lórí àlàfo: àlàfo kì í ṣe àṣìṣe. Bí mi ò bá kọ nǹkan kan, n kò kọ àṣìṣe. Bó bá fi àlàfo sí gbogbo ibi tó le, ìdá 99 lè jẹ́ òótọ́.

---

Ìyá Fèyí

Kí ni mo sọ? Kò ní sanwó àlàfo!

---

Bàbá Etí

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ iye méjì. Agbọ́hùn, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún, tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì tọ̀nà, ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ tó péye ní ìdá 100? Lọ́nà tí wọ́n máa ń gbà kà á, ọ̀rọ̀ tó sọnù, ọ̀rọ̀ tá a pààrọ̀ àti ọ̀rọ̀ tá a fi kún un, àṣìṣe ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò dáa fún akọ̀wé, nítorí ó sọ pé kó o máa méfò dípò kó o fi àlàfo sílẹ̀.

Nítorí náà, sọ iye méjì: mélòó nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni mo lè kọ, àti nínú èyí tí mo kọ, mélòó ló ṣeé fọkàn tán. Apá tó bàjẹ́ yìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta lo lè kọ. O ti rí i fúnra rẹ.

Láti mọ iye kejì, mú ìṣẹ́jú márùn-ún tó le yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lówùúrọ̀ ọ̀la láìwo ti àná. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ka ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

---

Títẹ̀-Òru

Mo ṣe é láàárọ̀ yìí. Ẹnu yà mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ 750, ibi 60 ló yàtọ̀. Èmi kan náà, etí kan náà, hẹ́dífóònù kan náà! Mo sì ti ń fọ́nnu pé 98.

---

Bàbá Etí

Níbi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti yàtọ̀, ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ̀nà. Ká pín in déédéé: 30 nínú ti àná, 30 nínú ti òní. 30 nínú 750 jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú 100. Á jẹ́ pé 96 ni òrùlé rẹ, kì í ṣe ilẹ̀ rẹ, nítorí ibi tó o ti ṣi gbọ́ lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì kò hàn nínú kíkà yìí.

---

Agbọ́hùn

Ẹ dúró ná, bàbá. Kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ kọ ni yóò fi ránṣẹ́. Yóò gbọ́ ibi 60 yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, yóò yan èyí tó tọ̀nà. Ìyẹn á gbé e kọjá 96.

---

Bàbá Etí

Òótọ́ ni, mo gbà. Níbi tó bá ti lè yan. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 45 ni apá yẹn, kò ní kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi á kọ "ó lé ní 90" sínú lẹ́tà, màá sì dákẹ́.

---

Oníbàárà Rí

"Ó lé ní 90" kò sọ nǹkan kan fún mi. 91 ń kọ́, 99 ń kọ́? Ẹ kọ 93 sí 96, ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti parí mọ́ lẹ́tà, kí n fojú ara mi rí i. Àpẹẹrẹ yẹn ni mo máa gbà gbọ́ ju iye lọ.

---

Títẹ̀-Òru

Ẹ wo èyí tí mo kọ:

*Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àwọn nǹkan kan tí n kò lérò ló ṣẹlẹ̀. Ohùn náà ní ariwo púpọ̀. Fáànù wà níbẹ̀, fóònù jìnnà, àwọn èèyàn sì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Mo ń sa gbogbo ipá mi. Ẹ dákun, yóò parí láìpẹ́, yóò sì péye dáadáa...*

---

Oníbàárà Rí

Àbúrò, mo ka gbogbo èyí, n kò tíì mọ ọjọ́. "Láìpẹ́" jẹ́ ọjọ́ wo? "Ariwo púpọ̀" sì ń dún bíi pé èmi lò ń bá wí.

---

Bàbá Etí

Ọjọ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ohun tó o ṣì ṣe ni kó o sọ: o dá ọjọ́ kó o tó gbọ́ ohùn náà tán.

---

Ìyá Fèyí

Ah! Má kọ ìyẹn o. Ìgbà tó o bá ti fẹnu ara rẹ gbà, wọ́n á gé owó. Sọ pé ariwo ni.

---

Bàbá Etí

Màmá, ariwo ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó gba iṣẹ́. Oníbàárà náà mọ̀. Bó bá di ẹ̀bi ru ohùn nìkan, ìbéèrè tó kàn ni "ṣé o kò gbọ́ ọ kó o tó dá ọjọ́?"

---

Ìyá Fèyí

Ìwọ sọ bẹ́ẹ̀. Owó mi ni mo sọ.

---

Títẹ̀-Òru

Mo rò ó lọ rò ó bọ̀ lórí èyí tí ẹ̀yin méjèèjì sọ. Mo fi gbólóhùn kan sí i. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án yìí:

*Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o.*

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ yín yóò parí, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ tí mo dá. Mo dá Ọjọ́bọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn náà tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìṣẹ́jú 30 tó mọ́ yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.*

*Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí, mo sì pín in sí mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 30 mọ́: nínú ọ̀rọ̀ 100, mo retí pé ó kéré tán 98 yóò tọ̀nà. Ìṣẹ́jú 45 le, nítorí fáànù àti nítorí pé àwọn kan jìnnà sí fóònù: mo retí 93 sí 96. Ìṣẹ́jú 15 bàjẹ́, nítorí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo lè kọ, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe yọ gbólóhùn kankan lò níbẹ̀ láìkọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà fúnra yín. Àkókò apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé tó tẹ̀lé èyí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún láti inú èyí tó le, kí ẹ rí bí yóò ṣe rí.*

*Níbi tí etí ò gbọ́, ẹ óò rí [etí ò gbọ́] pẹ̀lú aago. Níbi tí ọkàn mi kò balẹ̀, ẹ óò rí àmì ìbéèrè ṣáájú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo iye, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti lo ẹ̀rọ láti dín fáànù kù. Kò lè ya ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀ sọ́tọ̀.*

*Nǹkan méjì yóò ràn mí lọ́wọ́: orúkọ àwọn mẹ́fà tó wà níbẹ̀, àti ohùn mìíràn bí ẹlòmíràn bá gbà á lórí fóònù tirẹ̀. Bí ẹ kò bá nílò ìṣẹ́jú 15 tó bàjẹ́, ẹ sọ fún mi, Ọjọ́ Ajé ni n óò parí.*

---

Oníbàárà Rí

Èyí ni mo lè sanwó fún. Ìlà ìkẹyìn yẹn ló dáa jù.

---

Agbọ́hùn

Ohùn mìíràn! Mi ò tilẹ̀ ronú kàn án. Bí fóònù kejì bá wà ní ìpẹ̀kun tábìlì kejì, gbogbo ìṣirò yín ti yí padà nìyẹn.

---

Bàbá Etí

Bó bá wà. Ṣùgbọ́n 98 fún apá tó mọ́ ṣì ń kọ mí lóminú. O kò dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀mejì bó o ṣe dán apá tó le wò.

---

Títẹ̀-Òru

Òótọ́ ni, bàbá. Mo gbójú lé e pé ó mọ́. Alẹ́ yìí ni n óò dán an wò. Bó bá kéré sí i, n óò sọ fún wọn ní Ọjọ́ Ẹtì tí mo bá ń fi apá yẹn ránṣẹ́.

Oníbàárà ti fèsì o. Wọ́n fi orúkọ mẹ́fà ránṣẹ́. Ẹnì kan gbà á lórí fóònù mìíràn, ṣùgbọ́n bíi 20 ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nìkan ni, apá tó mọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má fi ìṣẹ́jú 15 yẹn sílẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń wá.

---

Ìyá Fèyí

Wọ́n sọ̀rọ̀ owó?

---

Títẹ̀-Òru

Wọn ò tíì sọ ọ́, mà.